Bí ẹ ṣe lè dá owó tó tọ́ lé gáùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn fíríídọ̀mù

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Tánkè níbí ní Ìlọrin. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé síìpù sẹ́yìn gáùn tí ò ní wú, mo lè rán gáùn onílíníǹgì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì pe ẹnikẹ́ni, àmọ́ lọ́jọ́ tí kọ́sítómà àkọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn tí mo gba fíríídọ̀mù, tó ní "Àǹtí, èló lẹ máa gbà?", mi ò rí nǹkan kan sọ. Ìdí ẹ̀ ni pé nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́, màdáámù wa ló máa ń bá kọ́sítómà sọ̀rọ̀ owó, àwa wà nídìí máṣíìnì lẹ́yìn, tówó bá sì wọlé, inú báàgì màdáámù ló ń lọ. A kọ́ iṣẹ́ o, a ò kọ́ owó iṣẹ́.

Mo kàn sọ pé ₦4,500. Ibi tí mo ti rí i, mi ò lè sọ, ẹ̀rù kó máà lọ ló sọ ọ́. Wákàtí méje ni mo fi rán an, nígbà tí mo wá ṣírò ohun tí mo rà sí i, ₦500 péré ló kù sí mi lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé ànkárá tiẹ̀ wá, ₦4,500 lòun náà mú dání, nítorí iye tí wọ́n sọ fún un nìyẹn.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù. Gáùn onílíníǹgì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, èyí tí kọ́sítómà á gbé ànkárá wá, tí télọ̀ á ra ìyókù. Àwọn iye tí mo kọ, ti ìgbà témi ṣe é ni, owó ọjà kì í dúró sójú kan, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò ẹ̀, ọ̀nà ìṣírò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka èlò, ẹ má fojú wò ó

Ẹ mú ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó máa wọ inú gáùn yẹn sílẹ̀, títí kan èyí tó kéré. Ohun ńlá kì í sọnù lójú wa, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé líníǹgì, àwọn kékeré ló máa ń jẹ èrè tán. Ohun tí mo kọ sínú ìwé tèmi rèé:

líníǹgì yáàdì méjì, ₦1,000 yáàdì kan: ₦2,000
síìpù: ₦300
sítéè ìlàjì yáàdì: ₦400
òwú: ₦150
náílọ́ọ̀nù tí mo fi kó o fún un: ₦100
pẹtiróòlù tí mo fi tan jẹnẹrétọ̀ torí áyọ́ọ̀nù: ₦450
kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Ọba àti àbọ̀: ₦600

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦4,000. Ẹ wo òwú, mi ò kọ iye odidi róòlù kan síbẹ̀, nítorí róòlù kan ń rán gáùn mẹ́ta fún mi, ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo mú. Ti kẹ̀kẹ́ sì rèé, odidi ẹ̀ ni mo kọ, nítorí kọ́sítómà kan ṣoṣo ni mo ní lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ̀ nìkan ni mo ṣe lọ ọjà. Tẹ́ ẹ bá ní kọ́sítómà mẹ́ta tẹ́ ẹ ra tiwọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí mẹ́ta, kò dáa kéèyàn gba owó kẹ̀kẹ́ kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta.

Áyọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá ń lo elédùú, ẹ kọ owó èédú. Tó bá jẹ́ iná ìjọba ló wà, ẹ kọ ìwọ̀n tiẹ̀. Gáùn tí wọn ò bá lọ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ń rán an lọ́wọ́, kò sí bí ìránṣọ ẹ̀ ṣe dáa tó, á rí ràúràú lára, nítorí náà áyọ́ọ̀nù wà nínú iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìn iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka wákàtí

Kẹ́ ẹ tó gba ti ẹlòmíràn, ẹ rán ọ̀kan fún ara yín tàbí fún ọmọ ìyá yín, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ẹ máa kọ àsìkò tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti àsìkò tẹ́ ẹ dáwọ́ dúró. Tèmi rí báyìí: ìdajì wákàtí fún ìwọ̀n àti ìjíròrò lórí sítáì, wákàtí kan fún gígé, mẹ́rin fún rírán (líníǹgì àti síìpù ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀), wákàtí kan fún lílọ̀ àti fífọwọ́ pa ẹsẹ̀ ẹ̀, ìdajì tó kù fún ìgbà tó wá dán an wò tí mo tún ẹ̀gbẹ́ kan fún pọ̀. Wákàtí méje.

Ibi tó wá le nìyí o, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo pe màdáámù mi, mo bi í pé wákàtí mélòó ló ń fi rán irú gáùn yẹn, ó ní mẹ́rin, tí ò bá sídìíwọ́. Wákàtí mẹ́ta tó wà láàárín wa yẹn, ta ni kó san án? Lójú tèmi, kì í ṣe kọ́sítómà. Òun ra gáùn, kò ra ìfàsẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo ṣì ń mọ ọwọ́ máṣíìnì tuntun mi ni, mo tú síìpù lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tèmi. Àmọ́ owó èlò yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá wọ gáùn ló ni líníǹgì tó wà nínú ẹ̀, kò sídìí kankan tí télọ̀ tuntun á fi máa fi owó ara ẹ̀ ra líníǹgì fún ẹlòmíràn nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kàn yín. Ìfàsẹ́yìn ọwọ́ tó wá láti ara pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e. Èlò, ẹ má gbé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èló ni wákàtí yín kan

Ọ̀pọ̀ máa ń fo ibí yìí torí ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ọlọ́fíìsì ni. Kò le. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí lóṣù kan kẹ́ ẹ lè jẹun kẹ́ ẹ sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi mú ₦70,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi sí òfin ní 2024, kì í ṣe torí pé ó tó, torí pé mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi kéré sí ti ẹni tó kéré jù lọ́fíìsì. Mo wá fi owó ṣọ́ọ̀bù kún un. ₦120,000 ni mo ń san lọ́dún, tá a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦10,000 ni. Abẹ́rẹ́, òróró máṣíìnì àti owó ẹni tó ń tún un ṣe, ₦4,000. Káàdì fóònù, ₦3,000. Owó ọlọ́dẹ àti owó ẹgbẹ́, ₦3,000. Àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ₦70,000 jẹ́ ₦90,000.

Wákàtí mélòó la wá máa pín in sí? Ẹ má sọ pé wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lóṣù, torí ìyẹn á fún yín ní 192, irọ́ sì ni. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara mi, ìgbà tí ọwọ́ mi bá wà lórí aṣọ nìkan ni mo ń fa ìlà sínú ìwé, ìlà kan fún wákàtí kan. Ẹni tó wá kí mi, ẹni tó wá wo sítáì tí ò gbé aṣọ wá, ìrìn ọjà, kírun, ìgbà tí iná lọ tí mo ń dúró, kò sí èyí tí mo fa ìlà fún. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìlà tí mo rí. Lóṣù, bíi 100. ₦90,000 pín sí 100 jẹ́ ₦900, òun ni wákàtí mi kan.

Ọwọ́ tó já fáfá á fi wákàtí mẹ́rin rán an, ₦900 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦3,600. Ẹ fi ₦4,000 èlò kún un, ó di ₦7,600. Òun ni ilẹ̀ tí mi ò gbọdọ̀ rìn kọjá sísàlẹ̀. Ká ní mo ka wákàtí méje mi ni, ₦10,300 ni ì bá jẹ́, ìyẹn sì ni ohun tí mo sọ pé kò tọ́ sí kọ́sítómà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ bi àwọn tó ti sanwó

Mo mọ̀ pé ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, àmọ́ mo fi í sí ìkẹrin mọ̀ọ́mọ̀. Tẹ́ ẹ bá béèrè kẹ́ ẹ tó ṣírò tiyín, iye àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ á lẹ̀ mọ́ yín lórí.

Ẹ má bi èèyàn pé "Èló lo lè san fún gáùn?" Gbogbo èèyàn ló ń dín in kù tí wọ́n bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á sì sọ iye ńlá kí wọ́n má bàa rí wọn bí aláìní. Ẹni tẹ́ ẹ rí gáùn lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi, kẹ́ ẹ tọ́ka sí gáùn kan pàtó: "Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, gáùn tẹ́ ẹ wọ̀ síbi ìsọmọlórúkọ yẹn, èló lẹ san fún iṣẹ́ ẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ra líníǹgì àbí télọ̀? Ṣé ó ní kọ́ọ̀pù láyà?" Ìbéèrè méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí gáùn méjì lè jọra lára kí owó wọn máà jọra rárá.

Obìnrin mẹ́rin ni mo bi. Ọ̀kan ní ₦6,000, mo bi í síwájú, kò ní líníǹgì. Ọ̀kan ní ₦8,000, ọ̀kan ní ₦9,000, méjèèjì ní líníǹgì, télọ̀ ló ra á. Ẹni kẹrin ní ₦15,000, àmọ́ ti ìgbéyàwó ni, wọ́n fi òkúta sí i lára, ó ní kọ́ọ̀pù, ìgbà mẹ́ta ló lọ dán an wò. Mo yọ ₦6,000 àti ₦15,000 kúrò torí wọn kì í ṣe iṣẹ́ tèmi. Ó ku ₦8,000 sí ₦9,000. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kẹ́ ẹ pín in, ₦9,500 lẹ máa rí, iye tí kò sẹ́ni tó ń san fún irú gáùn yẹn nínú wọn.

Ẹ béèrè ládùúgbò tẹ́ ẹ máa ti ṣiṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Tánkè, ọmọ Yunifásítì Ìlọrin ni wọ́n, iye tí wọ́n ń san yàtọ̀ sí ti àwọn ìyá ní Gérí Alímì, ti Ọ̀fà náà sì tún yàtọ̀. Nǹkan mìíràn tí mo rí tí mi ò fẹ́, ni pé àwọn kan máa ń ṣe bíi kọ́sítómà wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mìíràn lọ béèrè owó. Ẹ má ṣe é. Ẹ wọlé, ẹ kí wọn, ẹ sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù, pé ẹ ò fẹ́ ba owó àdúgbò jẹ́. Àwọn méjì ni mo lọ bá bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló sọ fún mi, ẹnì kan tiẹ̀ fi ìwé ẹ̀ hàn mí. Télọ̀ àdúgbò kì í fẹ́ kẹ́ni tuntun máa rán an ní ₦4,500, torí àwọn náà ni kọ́sítómà á wá fi yọ lẹ́nu. Tí ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò yín bá ní iye tí wọ́n fi lélẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ tiyín síta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé méjèèjì síra wọn

Tèmi: ilẹ̀ jẹ́ ₦7,600, ọjà jẹ́ ₦8,000 sí ₦9,000. Mo mú ₦8,000. Mi ò mú ₦9,000 torí pé mi ò tíì dá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe fún ẹlòmíràn tó bíi márùn-ún, àwọn tó ń gba ìyẹn, ọwọ́ wọn ti hàn. Lórí ₦8,000, tí mo bá yọ ₦4,000 èlò, ₦4,000 ló kù fún wákàtí méje, ìyẹn bíi ₦570 ní wákàtí kan. Kò tó ₦900 mi, mo mọ̀, àmọ́ tí ọwọ́ mi bá dé wákàtí mẹ́rin, ₦1,000 ni á jẹ́ láì jẹ́ pé mo fi kọ́bọ̀ kan kún owó kọ́sítómà.

Tí ilẹ̀ yín bá wá ga ju ọjà lọ ńkọ́? Ẹ má sáré dín in kù, ẹ wo ibi tó ti ga. Tó bá jẹ́ èlò ni, ó lè jẹ́ pé ẹ ń ra líníǹgì ní yáàdì yáàdì nídìí ọ̀nà, ẹ wo iye tó jẹ́ lọ́jà tẹ́ ẹ bá ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù ni, àfàìmọ̀ kí ṣọ́ọ̀bù yẹn máà tóbi ju iṣẹ́ tó ń wọlé lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti wo gbogbo ẹ̀ tí kò sí èyí tó ṣe é dín, a jẹ́ pé irú gáùn yẹn ò lè bọ́ yín ládùúgbò yẹn, ẹ rán nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún un

Ẹ pín in sí méjì lójú kọ́sítómà: owó èlò ₦4,000, owó iṣẹ́ ₦4,000. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kẹ́ ẹ tó gé aṣọ. Ẹ gba ti èlò ṣáájú, òun lẹ máa fi lọ ọjà, ìyókù lọ́jọ́ tó bá wá gbé e. Ẹ má fi èrè pamọ́ sínú líníǹgì, kẹ́ ẹ rà á ní ₦1,000 kẹ́ ẹ wá sọ pé ₦1,500, torí lọ́jọ́ tó bá bá ara ẹ̀ lọ́jà tó béèrè, gbogbo iye tẹ́ ẹ bá tún sọ fún un lẹ́yìn ẹ̀, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà tó ti wọ́n sí i, ẹ pè é láti ọjà kẹ́ ẹ tó rà á.

Ọ̀rẹ́ tó mú ₦4,500 wá yẹn, bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo ní, "Ẹ má bínú, ti ọ̀rẹ́ yín, èmi ni mo ṣì í ṣírò, èlò nìkan ti jẹ́ ìlàjì owó tó yẹ kí n gbà, ẹ wo ìwé." Ó wò ó dáadáa, ó béèrè pé tóun bá ra líníǹgì fúnra òun ńkọ́, torí òun ní èyí tó ṣẹ́kù nílé. Mo yọ ₦2,000 yẹn kúrò, ó di ₦6,000, ó sì gbà. Ká ní iye kan ṣoṣo ni mo pè, kò ní rí ibi tó lè yọ, á kàn lọ ni.

Ẹbí ńkọ́? "Ṣé èmi náà lo fẹ́ gba ₦8,000 lọ́wọ́ ẹ̀?" Ẹ sọ iye rẹ̀ gangan ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ta á lọ́rẹ: "Àǹtí mi, ₦8,000 ni, mo yọ ₦1,000 fún yín." Nínú owó iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́, kì í ṣe nínú èlò. Àǹtí yẹn á sì sọ fún ẹlòmíràn pé ₦8,000 ni wọ́n ń rán an, òun ni wọ́n ṣe lóore. Tẹ́ ẹ bá pe ₦7,000 láìsọ̀rọ̀, ₦7,000 ló máa di owó yín lẹ́nu gbogbo ẹbí.

Tó bá sì ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá, aṣọ á pọ̀, àwọn kan á fẹ́ kẹ́ ẹ fi tiwọn síwájú. Ẹ lè gba owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé aṣọ wá lásìkò yẹn, torí òru lẹ máa fi rán an, àmọ́ kẹ́ ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó gba aṣọ. Ẹni tó ti san ti èlò kí àsìkò ọdún tó dé, iye tẹ́ ẹ bá a sọ ni kẹ́ ẹ gbà, ìbáà jẹ́ àárọ̀ Iléyá ló wá gbé e.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn gáùn márùn-ún, ẹ tún un kà

Ẹ má yí owó padà lẹ́yìn gáùn kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó di márùn-ún. Gáùn karùn-ún mi, wákàtí márùn-ún ló gbà mí. Líníǹgì ti kúrò ní ₦1,000 ó ti di ₦1,200, ìyẹn fi ₦400 kún èlò, mo ti fẹ́ máa sọ fún àwọn èèyàn pé ₦8,400 ni báyìí. Kí n tó sọ ọ́, mo tún ìwé yẹn kà látòkè, mo wá rí i pé mi ò ra ti kọ́sítómà kan ṣoṣo mọ́, mẹ́ta ni mo ń rà pọ̀, owó kẹ̀kẹ́ tó wà lórí gáùn kan ti kúrò ní ₦600, ó ti di ₦200. ₦400 wọlé, ₦400 jáde. Èlò ṣì jẹ́ ₦4,000, ₦8,000 náà ni mo bá kọ sínú ìwé fún ẹni kẹfà, èmi sì ti ń rí ₦800 ní wákàtí kan.